Lẹ́tà Nọ́ńbà Kẹrìnlá

Ọ̀gá kan wà ní Ọ̀yọ́ tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì wá iṣẹ́ sí Ítálì. Èmi, tí mo ti gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ni mo ń bá a túmọ̀ lẹ́tà ìjẹ́rìí tí ilé ìwòsàn wọn kọ fún wọn. Ẹ̀rù máa ń bà á pé mo lè gba oníbàárà mọ́ òun lọ́wọ́. Nítorí náà, kó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, á pa orúkọ rẹ́, á fi nọ́ńbà rọ́pò rẹ̀, bí ẹni ń bo àṣírí ìjọba.

Nọ́ńbà kẹrìnlá dé lédè Gẹ̀ẹ́sì: ẹlẹgbẹ́ wa yìí ló ń darí wọ́ọ̀dù, ó máa ń fara balẹ̀, àwọn aláìsàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti kọ he tàbí she, ká lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Èdè Ítálì kì í gba irú ìyẹn. Bí ọkùnrin bá ń fara balẹ̀, attento ni. Bó bá jẹ́ obìnrin, attenta. Mo pe ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọkùnrin ni nọ́ńbà kẹrìnlá àbí obìnrin?"

"Èèyàn ni! Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Ṣé ẹ fẹ́ fẹ́ ẹ ni?"

Inú bí mi, ṣùgbọ́n mo dọ́gbọ́n sí i. Mo kọ dirige il reparto, ó ń darí wọ́ọ̀dù, torí ìyẹn kò bèèrè akọ tàbí abo. Mo wá lo persona, ìyẹn èèyàn: una persona attenta, amata dai pazienti, èèyàn tó ń fara balẹ̀, tí àwọn aláìsàn fẹ́ràn. Ọ̀rọ̀ persona fúnra rẹ̀ ló jẹ́ abo, òun sì ni attenta àti amata ń tẹ̀ lé, ì báà jẹ́ pé irùngbọ̀n kún àgbọ̀n onítọ̀hún. Mo kọ àlàyé yìí sísàlẹ̀ fún ọ̀gá.

Ọ̀gá kì í ka àlàyé. Ó ti gbọ́ lẹ́nu mi rí pé ọ̀rọ̀ tó bá parí sí “o” ni ti ọkùnrin, èyí tó bá parí sí “a” ni ti obìnrin. Òun náà ò rántí ẹni tó ni nọ́ńbà kẹrìnlá mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó bá ń darí wọ́ọ̀dù, ọkùnrin ni. Ó sọ ọ́ di una persona attento, amato, ó fi ránṣẹ́ sí Ítálì, ó sì wá kọ sí mi lórí Wásáàpù: "Mo ti bá yín tún un ṣe."

Mo rí i pé ó ti bà á jẹ́. Mo ní kí ojú kọ́kọ́ tì í ná, mo dákẹ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo mú ìyá mi lọ sílé ìwòsàn tó wà ládùúgbò wa, kí wọ́n pààrọ̀ báńdéèjì ẹsẹ̀ rẹ̀. Obìnrin tó ń darí wọ́ọ̀dù, tó ti ń tọ́jú Màmá láti ọdún tó kọjá, ló ń dì í. Ojú rẹ̀ wú. Mo bi í pé kí ló dé.

"Ítálì ò gbà mí mọ́, Mà. Wọ́n ní èdè Ítálì inú lẹ́tà tí ọ̀gá kan ní Ọ̀yọ́ bá mi fi ránṣẹ́ burú, ó jọ ayédèrú, wọ́n sì ti fi ẹlòmíì síbẹ̀. Mo ti sọ fọ́mọ mi pé a jọ ń lọ."

Òun ni nọ́ńbà kẹrìnlá. Ojú tì mí gan-an.

"Èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀," mo sọ. "Ẹnì kan bà á jẹ́. Mo rí i, mi ò sọ̀rọ̀."

Kò wo ojú mi. Ó rọra gbé ẹsẹ̀ ìyá mi lé itan ara rẹ̀, ó ń dì í lọ.

"Màmá," ó ní, "ṣé kò le jù fún yín?"