Àárọ̀ Tí Mo Kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà ní Ṣájà

Àárọ̀ Jímọ̀ kan ni lẹ́tà Ìyá Àgbà dé. Ìyá mi ti da omi ọṣẹ sórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ láti ìdájí, gbogbo ilé sì ń run ọṣẹ àti irun àgùntàn tó rin. Obìnrin oníṣòwò kan tó wá ra bàtà ní ọjà Deira ní Dubai ló bá wa mú lẹ́tà náà láti Èkó, ó kì í bọ inú àpò ẹ̀gúsí kí ó má baà sọnù. Iṣẹ́ ìyá mi nìyẹn nígbà náà: ó ń mú àwọn oníṣòwò tó bá ti Èkó dé kiri ṣọ́ọ̀bù, ó sì ń bá wọn ná ọjà. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jebel Ali. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló máa ń wà nílé ní àárọ̀, òun ló sì ka lẹ́tà náà sí ìyá mi létí nínú yàrá. Èmi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ń tẹ́tí.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní òun ń bọ̀ wá wo ọmọ ọmọ òun. Ṣájà, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ni wọ́n bí mi sí, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, a kò sì tíì fojú kan ara wa rí. Bàbá mi kà á ní ohùn bí ẹni ń ka ìròyìn: "Bí mo bá débẹ̀ tí ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí àgbà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ ń padà sí Ìjẹ̀bú." N kò mọ Ìjẹ̀bú, n kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fẹ́ wà.

Ọjọ́ kejì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi á jókòó sórí àga, á ní òun ni Ìyá Àgbà, á ní kí n jáde kí n tún wọlé. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí, torí ọmọdé kì í dúró de ìgbà tí àgbà á kí i. Bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ mi, kí n gbé e kalẹ̀. Kí n wá sí iwájú wọn, kí n má kí wọn látẹ̀yìn bí ẹni ń pe ẹni tó ń lọ lójú títì. Kí orúnkún méjèèjì kan ilẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan, kí n má sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí ẹni tí kòkòrò ta lẹ́sẹ̀. Kí ọwọ́ mi wà lórí itan, kí n má tẹjú mọ́ wọn, kí ohùn mi lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n kí wọ́n gbọ́ ọ. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí mà?" Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ó di ẹ káàsán, bó bá ti rọlẹ̀, ẹ kúrọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ẹ káalẹ́. Bí wọ́n bá ti ìrìnàjò dé, ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú ìrìn mà. Mo ṣèèṣì sọ pé "ṣé o jí dáadáa" nígbà kan, ìka ìyá mi sì dún lórí mi.

Gbólóhùn kan wà tó máa fi ń parí rẹ̀ lójoojúmọ́: "Má dìde títí wọ́n á fi dá ẹ lóhùn." Mo mọ̀ ọ́n sórí bí mo ṣe mọ orúkọ mi.

Ibi tí nǹkan ti kọ́kọ́ dàrú mọ́ mi lójú ni ẹnu ọ̀nà ilé wa. Ọmọ Pakísítánì kan ló ń ṣọ́ ilé náà, bàbá àgbàlagbà tó fi làálì kun irùngbọ̀n. Chacha ni gbogbo ọmọ ilé ń pè é. Àgbà ni, èmi sì ti kọ́ ẹ̀kọ́ mi yó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo ń lọ sílé ìwé, mo gbé àpò mi kalẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ níwájú àga rẹ̀. Bàbá náà fò sókè bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé mi dìde, ó ń wí pé "La, la, beti, haram," pé rárá, ọmọbìnrin mi, èèwọ̀ ni, ó sì pe ìyá mi wá. Obìnrin ará Síríà tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa dúró, ó ń wò wá. Ojú ti ìyá mi. Ó gbọn eruku lára yúnífọ́ọ̀mù mi, ó ní, "Khalas, ó tó, Múti. Má kúnlẹ̀ níta mọ́. Ilé nìkan."

Nílé ìwé ẹ̀wẹ̀, ọ̀gá wa obìnrin máa ń dúró ní géètì láràárọ̀, á bọ ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Ọmọ tó bá na ọwọ́ dáadáa, tó wò ó lójú, ni ọmọ dáadáa. Mo wá ní ilé kan tí wọ́n ti ń wo ilẹ̀ àti ilé kan tí wọ́n ti ń wo ojú. Mo fara mọ́ ọn báyẹn. Inú ilé, orúnkún, ìta, ọwọ́.

Ìyá Àgbà dé ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan. Inú ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èrò ní pápákọ̀ òfurufú Dubai ni mo ti rí i, obìnrin kúkúrú tó wé ìborùn funfun, tó ń rìn bí ẹni tó ni ibẹ̀. Bàbá mi, tó ti ibi iṣẹ́ wá, tẹ̀ ba, ó fi ọwọ́ ọ̀tún kan ilẹ̀. Ìyá mi tẹ orúnkún díẹ̀, báàgì ń bẹ léjìká rẹ̀. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì; kò sí iyèméjì, ìta nìyí. Mo rìn síwájú, mo wò ó lójú, mo na ọwọ́ mi. "Welcome, mà," ni mo wí.

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ náà títí. Ó fi ìka méjì dì í mú, ó sì tú u sílẹ̀. Nínú mọ́tò kò sọ ju ẹyọ gbólóhùn kan lọ, ó ní, "Ọmọ yín ga o."

Nígbà tí a délé, tí Ìyá Àgbà lọ fẹ̀yìn lélẹ̀, ìyá mi fà mí lọ sí kíṣìnì. "Kí ló dé tí o ò kúnlẹ̀?" Mo ní òun ló ní kí n má kúnlẹ̀ níta. Ó wá sọ pé, "Ìyá àgbà ẹ kì í ṣe ará ìta." Èmi kò sọ pé ará ìta ni. Mo ní a wà níta ni. Mo sunkún títí mo fi sùn, torí mo ti mọ̀ pé Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà mi.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì ni mo jí láti lọ tún un ṣe. Mo ti ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo yára wọlé, mo kúnlẹ̀ gbì, mo ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ jí mà?" Ìgbà tí mo gbójú sókè díẹ̀ ni mo rí i pé ó wà lórí ẹní, ó ń kírun. Mo mọ̀ pé ẹni tó ń kírun kì í dáhùn. Mo sì mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ dìde láìjẹ́ pé ó dá mi lóhùn. Èwo ni kí n wá ṣe? Mo dúró lórí ìkúnlẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó forí balẹ̀, ó jókòó, ó sálámà sí ọ̀tún àti sí òsì. Mo rò pé ó parí, ó tún fa tẹ̀súbáà jáde. Ó ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, orúnkún mi ń ta mí, lẹ́yìn náà n kò mọ̀ pé mo ní orúnkún mọ́.

Nígbà tó ṣẹ́ tẹ̀súbáà náà pọ̀, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, káàárọ̀. Ṣé o jí ire? Dìde."

N kò dìde. N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Mo rò pé ẹlòmíràn ló dá lóhùn, mo tilẹ̀ rọra wẹ̀yìn wò. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ mi, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. "Ìwọ ni Àbẹ̀kẹ́. Oríkì tí mo fi ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bí ọ nìyẹn. Ṣé wọn kì í pè ọ́ bẹ́ẹ̀ níbí?" Mo ní wọn kì í pè mí bẹ́ẹ̀ mà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbọ́ tó ń sọ fún bàbá mi pé ìyàwó rẹ̀ tọ́ ọmọ. Inú mi dùn débi pé mo jẹ búrẹ́dì mẹ́rin. Mo ti yege, mo ti bọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ń kúnlẹ̀ fún un láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, òun náà á kì mí ní Àbẹ̀kẹ́, ara mi á yá gágá. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn òbí mi jókòó. Ó ní òun ti gbọ́ ti Chacha, pé irú ọmọ yìí kò yẹ níbi tí yóò máa kúnlẹ̀ tí wọn yóò máa gbé e dìde bí ẹni tó ṣubú. Ó ní kó wà láàárín àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń dá a lóhùn. Èmi àti òun la jọ ń lọ.

Ohun tí mo ṣe tó burú ní pápákọ̀ kò lé mi lọ. Èyí tí mo ṣe dáadáa ló lé mi lọ. Mo gbìyànjú láti rò ó, orí mi kò gbé e, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, ìyá mi gbé gbogbo báàgì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú èrò ní pápákọ̀ òfurufú, níwájú ẹnu ọ̀nà tí àwọn arìnrìnàjò ń gbà wọlé. Ó fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀ fún Ìyá Àgbà lórí òkúta dídán náà, àwọn èèyàn ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù yí wọn kọjá. "Ẹ ṣé mà. Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ mà." Mo ń dúró kó sọ fún ara rẹ̀ pé ìta nìyí. Ìyá Àgbà ní, "Dìde, ìyàwó mi. Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ tún ríra." Ó pẹ́ kó tó dìde.

Ọdún mẹ́rin ni mo lò ní Ìjẹ̀bú. Ìyá Àgbà kẹ́ mi, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo padà dé, ọmọbìnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ìyá rẹ̀ ni mo jẹ́, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá a ṣeré mọ́.

Mo ti ń sún mọ́ ogójì báyìí. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Al Barsha ní Dubai ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ń san owó fún mi láti máa kí àwọn èèyàn, ní ìdúró, ní èdè mẹ́ta. Ìyá mi ṣì wà ní Ṣájà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe jọ wà ní kíṣìnì rẹ̀, mo bi í ní ohun tí mo ti ń gbé kiri láti ọmọ ọdún mẹ́jọ: ṣé kò mọ̀ pé bó ṣe kọ́ mi dáadáa yẹn ló máa jẹ́ kí wọ́n mú mi lọ ni?

Ó ń ro ọbẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀ o. Tí o ò bá mọ̀ ọ́n kí, wọ́n á ní mi ò tọ́ ẹ, wọ́n á mú ẹ lọ. Tí o bá mọ̀ ọ́n kí, wọ́n á ní ọmọ àwọn ni ẹ́, wọ́n á mú ẹ lọ. Mo ní kí wọ́n kúkú mú ọmọ tí mo tọ́ lọ."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ náà ì bá bi í pé kí ló dé tí kò kàn sọ pé òun kò gbà. Èmi kò bi í. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ mi, mo ní, "Ẹ ṣé mà." Ó ní kí n dìde jàre, kí ọbẹ̀ má ta sí mi lára, ṣùgbọ́n kò yíjú sí mi títí ọbẹ̀ náà fi jinná.