Ọjọ́ Tí Ìyá Onígò Po Bọ́fà

Ọdún mọ́kànlá ni obìnrin tí gbogbo ilé ìwòsàn ń pè ní Ìyá Onígò fi ń fọ ìgò ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe pé kò mọ nǹkan mìíràn í ṣe. Ó ti fi ọdún mẹ́ta lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ó ti gba ìwé ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ilé iṣẹ́ ṣe rí. Tí wọ́n bá ti rí kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ojú kàn-ìn-kàn-ìn náà ni wọ́n á máa fi wò ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ẹni tó ń po oògùn àyẹ̀wò fún wọn gba iṣẹ́ sí ibòmíràn. Ọ̀gá pe Ìyá Onígò, ó ní kó po bọ́fà lítà kan kóun wò ó. Tó bá péye, tábìlì ìpoògùn di tirẹ̀. Tí kò bá péye, òun á wá ẹlòmíràn láti ìta.

Bọ́fà yìí kò ju omi tí wọ́n po iyọ̀ fọ́sífétì oríṣi méjì sí lọ, kí kíkan omi náà má bàa máa yí padà. Òun ni wọ́n fi ń lú aró tí wọ́n fi ń wo kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀. 7.2 gan-an ni mítà tó ń wọn kíkan omi gbọ́dọ̀ kà. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, omi ti kan nìyẹn, gbogbo ẹ̀jẹ̀ á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ búlúù tó ń tú kòkòrò fó á sì pòórá.

Ìyá Onígò wọn gíráàmù kan nínú iyọ̀ oní-sódíọ̀mù àti ìdá méje nínú mẹ́wàá gíráàmù iyọ̀ oní-pọtásíọ̀mù, bí ìwé ara ògiri ṣe wí. Ó fi omi dísítílì yọ́ wọn di lítà kan. Kó tó wọ̀n ọ́n, ó ki ọ̀pá mítà bọ omi ìwọ̀n méje, omi tí wọ́n fi ń yẹ mítà wò, ó ṣan án, ó fi bébà fẹ́lẹ́ gba omi ara rẹ̀, ó tún kì í bọ omi ìwọ̀n mẹ́wàá. Mítà gbà fún méjèèjì. Ó wá kì í bọ bọ́fà tirẹ̀. 6.75.

Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan, tí wọ́n ń pè ní Kò-sí-wàhálà, yọjú wo mítà náà.

“Àǹtí mi, ẹ yí i títí táá fi ka 7.2. Ta ló máa mọ̀?”

“Mítà á gbọ́ tèmi,” ni Ìyá Onígò fèsì, “ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ò ní gbọ́.”

Ó dá ọ̀pá padà sínú omi ìwọ̀n méje. 7.00 ló kà. Mítà kò jẹ̀bi. Ìwọ̀n tó wọ̀n ńkọ́? Ó yẹ òṣùwọ̀n wò, òun náà kò jẹ̀bi. Ló bá gbé ìgò iyọ̀ oní-sódíọ̀mù síwájú, ìgò tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ó sì ka lẹ́tà wíńníwíńní ara rẹ̀. Iyọ̀ náà kì í ṣe gbígbẹ bíi ti àtijọ́. Ẹyọ omi méjìlá ló so mọ́ ẹyọ iyọ̀ kọ̀ọ̀kan, omi yìí sì lé ní ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Ó ti wọn omi kún iyọ̀ láìmọ̀. Ó ṣírò rẹ̀ sínú ìwé: gíráàmù 2.52 ló máa dípò gíráàmù kan.

Ó da ti àkọ́kọ́ nù, ó po òmíràn. 7.15. Ó fi omi iyọ̀ oní-sódíọ̀mù tó ti yọ́ sílẹ̀ kán sí i díẹ̀díẹ̀, kò ju ṣíbí kékeré kan lọ. 7.20! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó díẹ̀ nídìí tábìlì, kò sì bìkítà ẹni tó ń wò ó.

Ọ̀gá dé, ó tún bọ́fà náà wọ̀n fúnra rẹ̀, ó rí 7.20. Ó wo inú ìwé, ó béèrè ìdí tí gíráàmù kan fi di 2.52. Ìyá Onígò fi ara ìgò hàn án. Ọ̀gá họ ọrùn. Ó ní inú ìgò yìí lòun náà ti bu iyọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, fún sílàídì ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Gbogbo wọn ló pọ́n bí atarodo, òun sì ti pe ẹni tó ta aró fún wọn, ó ti bú u bí ẹní láyin.

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sì nù ún. Ó ní òun á pe ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló wí pé, “Màmá, tábìlì di tiyín.”

Ìyá Onígò dúpẹ́, ó yí padà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì gbé e lọ síbi tí ìgò ìdọ̀tí òwúrọ̀ wà. Kò-sí-wàhálà gba kàn-ìn-kàn-ìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní kó lọ jókòó.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń nu àga ìdí tábìlì yẹn láràárọ̀, kò sì tíì jókòó lé e rí. Ó jókòó.