Ìwé Ilé Bàbá ní Kọ́ọ̀tù Ring Road

Ọ̀la ni wọ́n máa sọ àkọ́bí oníbàárà wa lórúkọ, baba ọmọ sì wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n. Adájọ́ ti fún un ní béèlì, ṣùgbọ́n onídùúró gbọ́dọ̀ kó ojúlówó ìwé ilé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kọ́ọ̀tù. Ọjọ́ Jímọ̀ nìyẹn. Bí a ò bá rí ìwé ìdásílẹ̀ gbà kí kọ́ọ̀tù tó palẹ̀ mọ́, ó di Mọ́ńdè.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà ni, ní ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀, ara mi sì ń gbóná bí ẹni pé èmi ni mo bímọ. Èmi fúnra mi ni mo tẹ lẹ́tà tí a máa fi ṣáájú àwọn ìwé náà, mo fi kábọ́nù sí i kó lè di méjì. Mo to orúkọ gbogbo ohun tí a mú dání sínú rẹ̀: ìwé ilé, ìwé owó orí, fọ́tò onídùúró, ìwé ìbúra rẹ̀ nípa ohun ìní rẹ̀. Nísàlẹ̀, mo bẹ akọ̀wé kọ́ọ̀tù kó yẹ̀ wọ́n wò, kó sì gbé ìwé ìdásílẹ̀ fún adájọ́ kó fọwọ́ sí i. Lẹ́tà náà dùn mọ́ mi débi pé mo kà á sókè nínú tákísì. Dírẹ́bà ń ṣe àmín.

Ẹ̀gbọ́n baba oníbàárà wa ni onídùúró, alhaji kan tó ní ilé ní Mọ́kọ́lá, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Ní kọ́ọ̀tù, akọ̀wé obìnrin kan ń fi lẹ́tà mi yẹ àwọn ìwé wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan ìwé ilé, Bàbá gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

“Lọ́yà, níbo lo kọ ọ́ sí pé wọ́n máa dá a padà fún mi?”

“Bàbá, tí ẹjọ́ bá ti parí, wọ́n á dá a padà.”

“Mo gbọ́. Níbo lo kọ ọ́ sí?”

Mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Inú bí mi, mo wo aago ara ògiri.

Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. “Alhaji, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ o.”

“Orí ọmọ tuntun ni mo bá wá,” ni Bàbá wí. “Ṣùgbọ́n ilé yẹn náà, ọmọ mi ni.”

Mo fa bírò yọ, mo kọ ọ́ kún ẹ̀dà méjèèjì pé kí wọ́n dá ojúlówó ìwé náà padà fún onídùúró nígbà tí ẹjọ́ bá parí, mo sì fọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà tiwa, ó fọwọ́ sí i pé òun ti gba ohun gbogbo tó wà níbẹ̀. Bàbá ní kí n túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ fún òun. Lẹ́yìn náà ló tó gbé ìwé ilé sílẹ̀.

Adájọ́ fọwọ́ sí ìwé ìdásílẹ̀! Mo fò sókè ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọ́ọ̀tù, mo gbàgbé pé lọ́yà ni mí. A bá òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tó gbé e dání wọ tákísì, ó di ẹnu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n.

Oníbàárà wa jáde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò tíì dìde tó fi béèrè pé, “Bàbá, orúkọ wo lẹ máa sọ ọmọ mi lọ́la?”

“Èmi kẹ̀?” ni Bàbá wí. “Ṣé èmi ni mo bí i ni? Ìwọ tó bí i ti jáde, ìwọ ni kó o sọ ọ́.”