Níbi Tí Omi Ti Wọ Inú Oyin

Títa oyin nílùú wa ti di ẹjọ́. Ẹni tó bá gbé ìgò oyin jáde, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í ni pé ṣé kì í ṣe ṣúgà ló sè. Àwọn kan á ti orí ìṣáná bọ inú rẹ̀, wọ́n á ṣá a wò bóyá á gbiná. Àwọn kan á kán an sílẹ̀, wọ́n á máa ṣọ́ bóyá èèrà á sún mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ èèrà kì í kọ oyin gidi. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́ jù ni ṣíbí: kí o bù ú, kí o gbé e sókè, kí o wo bó ṣe ń fà. Bó bá fà dáadáa, wọ́n á ní oyin nìyẹn. Bó bá ń sáré já, wọ́n á ní omi ti wọ̀ ọ́.

Àlàájà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ń gbé ní Òkèrèwè. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìntì. Òun àti ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin lórí ilẹ̀ ìdílé ọkọ, lẹ́yìn ìlú. Ọkọ ti kú báyìí, àwọn ilé oyin ṣì wà níbẹ̀, Àlàájà ló ń bójú tó wọn. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kí ni ilẹ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún kòkòrò, pé tí oyin náà ò bá rí ọjà gidi, kí wọ́n gé ilẹ̀ náà sí pulọ́ọ̀tì kí wọ́n tà á. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń dun Àlàájà. Ó sọ fún mi pé òun ò rí ibòmíì tí òun ti lè rántí ọkọ òun dáadáa bí ibi tí oyin wà.

Àsìkò yẹn ni obìnrin kan tó ní ilé ìtajà ńlá ní Ìbàdàn gbọ́ nípa oyin náà. Oníoyin kan ti dójú tì í rí, ìyẹn ló fi ń ṣọ́ra. Ó ní kí Àlàájà kọ́kọ́ fi fídíò kékeré kan ránṣẹ́, èyí tí òun lè máa gbé sí ojú tẹlifíṣọ̀n inú ilé ìtajà òun, lẹ́yìn náà òun á wá wo oyin fúnra òun. Bí Àlàájà ṣe wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìlàrè nìyẹn, torí iṣẹ́ mi ni kí n máa ya fídíò ọjà: bàtà, ìpara, aṣọ, ohunkóhun tí ènìyàn bá fẹ́ tà.

Èmi kì í fi iṣẹ́ mi ṣeré. Ohun tó ń bí mi nínú jù ni kí ẹnì kan fi fóònù ya nǹkan lásán, kó wá ní kí n bá òun “fi sí síló”, ìyẹn ni kí n jẹ́ kó máa rọra falẹ̀. Fídíò kì í ṣàn bí odò, àwòrán ló tò tẹ̀lé ara wọn. Àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni fídíò tèmi máa ń gbé jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí o bá ya mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí o wá ń fà á kó lè falẹ̀, àwòrán ò ní kárí, á máa ta kọ́sọ́kọ́sọ́ bí mọ́tò tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ síló gidi, láti ìgbà tó ń yà á ni yóò ti ya ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá wá ń gbé e jáde ní mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìṣẹ́jú àáyá kan á di mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ á sì máa yọ̀ lọ geere.

Ìyẹn náà ní wàhálà tirẹ̀. Bí àwòrán bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú kámẹ́rà kò ní lè ṣí pẹ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé á dínkù. Gílóòbù ilé sì lè máa ṣẹ́jú nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ojú lásán ò ní rí i. Nítorí ìyẹn ni mo fi gbé tábìlì jáde sí àgbàlá Àlàájà lọ́sàn-án gangan. Mo gbé àwo funfun sí i, mo ní kí ó máa da oyin látinú ìgò, mo yà á ní ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, mo fi ráǹpù sí i. Ohun tí àwa ń pè ní ráǹpù ni kí fídíò kan ṣoṣo máa yí eré padà: ìgò á sáré wọlé bí ó ṣe rí gan-an, bí oyin bá ti yọ ní ẹnu ìgò, ohun gbogbo á falẹ̀, á máa rọra bọ̀ nínú oòrùn, nígbà tó bá kan àwo tán, eré á padà sí bó ṣe wà. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, mo fẹ́ràn ara mi lọ́jọ́ yẹn. Oyin náà nípọn, ó ń dán, ó ń fà bí okùn. Mo tún un wò títí tí tíì mi fi tutù.

Àlàájà wá wò ó. Ó fi ìgò ojú rẹ̀ sójú, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ń retí kó kí mi kú iṣẹ́. Ó ní kí n tún un gbé. Mo tún un gbé. Ó wá fi ìka tọ́ka sí ibi tí eré ti padà sípò.

“Omi wọ̀ ọ́ níbí,” ó ní.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé fún un pé kámẹ́rà ni, pé oyin kan náà ni, pé ráǹpù ló parí níbẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó ní ṣùgbọ́n kí n fi ojú ẹni tó fẹ́ ra oyin wò ó. Mo wò ó bẹ́ẹ̀. Kó tó kan àwo, oyin ń fà. Bó ti kàn án tán, lójijì, ó ń sáré bí omi ẹ̀rọ. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi ṣíbí dán oyin wò rí á búra pé láàárín ẹnu ìgò sí àwo, ẹnì kan bu omi sí i.

Inú bí mi, torí ibi tó dára jù nínú iṣẹ́ náà ló fọwọ́ kàn. Mo ní kò burú, màá yọ ráǹpù, màá jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ falẹ̀ látòkè délẹ̀, omi kankan ò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó sọ fún mi pé oyin àsìkò òjò ni, ó máa ń ṣàn ju ti ẹ̀ẹ̀rùn lọ, òun ò sì fi ìyẹn pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ òun ò jẹ́ kí iná tàbí omi kàn án rí. Ó ní èyí tó ń fà bí okùn nínú kọ̀ǹpútà yẹn, òun ò mọ̀ ọ́n.

Mo fi òwe dá a lóhùn, mo ní, “Àlàájà, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe é.”

“Mo mọ̀,” ó ní. “Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá gbé e délé, tó dà á, ṣé ìwọ lo máa dúró tì í, tí wàá sọ fún un pé kámẹ́rà ló ń falẹ̀?”

Mo kàn ń tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà bí ẹni tó níṣẹ́ ń ṣe.

A padà sí àgbàlá. Mo lè mú èyí tí mo ti yà, kí n gbé e jáde ní eré rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n kì í dùn ún wò tó bẹ́ẹ̀, nítorí ojú kámẹ́rà tó ṣí fún ìgbà kúkúrú máa ń jẹ́ kí ohun tó ń rìn ta kọ́sọ́kọ́sọ́. Ìyẹn nìkan kọ́, kámẹ́rà mi kì í gba ohùn sílẹ̀ tó bá wà ní ọgọ́rùn-ún. Mo dá a padà sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣí pẹ́ díẹ̀, Àlàájà sì da oyin bí ó ṣe ń dà á fún oníbàárà. A gbọ́ bó ṣe ń kán sínú àwo.

Síló náà kò ṣòfò. A gbé e lọ sí oko. Mo jókòó lọ́ọ̀ọ́kán ilé oyin, ẹ̀rù ń bà mí, mo ya àwọn oyin níbi tí wọ́n ti ń bọ̀ wálé. Mo fi ráǹpù sí ibẹ̀: wọ́n ń sáré bọ̀, lójijì wọ́n falẹ̀, o rí ìyẹ̀fun òdòdó ní itan wọn, o rí bí wọ́n ṣe ń na ẹsẹ̀ kí wọ́n tó bà. Ìyẹ́ wọn ṣì ń rí bàìbàì, ọgọ́rùn-ún kò tó láti mú un. Nígbà tí Àlàájà rí i, ó ní ọkọ òun máa ń jókòó síbẹ̀ yẹn lójoojúmọ́, òun ò mọ ohun tó ń wò. Ó yọ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún pẹ́.

Obìnrin Ìbàdàn náà wá ní ọjọ́ Sátidé. Mo wà níbẹ̀, Àlàájà ló ní kí n wá. Obìnrin náà jókòó sí pálọ̀, fídíò tí a fi ránṣẹ́ wà nínú fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbádùn apá ti oko, ó wá ní èyí tí a ti ń da oyin náà yá jù, ti àwọn ẹlòmíì máa ń rọra bọ̀. Ó bi mí bóyá mo lè jẹ́ kó falẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni ti àkọ́kọ́ wà nínú fóònù tèmi, tó ń fà, tó ń dán. Ilẹ̀ ìdílé yẹn wà lọ́kàn mi, mo sì fẹ́ kí ọjà náà bọ́ sí Àlàájà lọ́wọ́. Àlàájà wojú mi. Mo ní, “Rárá mà, bó ṣe rí nìyẹn.”

Àlàájà gbé ìgò kan tí wọn ò tíì ṣí fún un, ó gbé àwo funfun yẹn tì í. Ó ní kó ṣí i fúnra rẹ̀, kó dà á. Obìnrin náà fi fóònù rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ àwo, ó jẹ́ kí fídíò náà máa ṣiṣẹ́, ó sì da oyin. Oyin inú àwo àti oyin inú fóònù jọ ń bọ̀, wọ́n jọ ń rìn, ohùn wọn sì bára mu. Ó fi ṣíbí bù ú, ó gbé e sókè. Ó fà díẹ̀, ó já, bó ṣe fà díẹ̀ tó sì já lẹ́nu ìgò nínú fídíò. Ó tọ́ ọ wò. Ó ní èyí tí wọ́n fi dójú ti òun níjọ́sí, okùn ni nínú fídíò, omi ni nígbà tó dé. Ó ní òun á máa gba ti Àlàájà, kí a má fọwọ́ kan fídíò náà.

Nígbà tó lọ tán, Àlàájà ní kí n gbé fídíò náà fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wo àwọn oyin tó ń rọra bà, ó wo bí ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ṣe ń dà á. Àwo ṣì wà níwájú wa, èèrà ti ń tò lọ síbẹ̀, Àlàájà kò sì lé wọn.

“Oyin wa nìyí,” ó ní.