Omi Ọyàn Lójú Fèrèsé

Ọ̀gá iléeṣẹ́ aránṣọ kan fẹ́ràn ìwé àlẹ̀mọ́ra ju òṣìṣẹ́ lọ. Ó lẹ ọ̀kan mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn: "Yàrá Àwọn Abiyamọ". Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn ọ̀hún, páálí bọ́tìnnì tó ga kan àjà ni yóò kí i káàbọ̀.

Àárín páálí wọ̀nyí ni Ìyàwó Káfíńtà, tó ń ran kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì, ń jókòó sí látìgbà tó ti bímọ padà síṣẹ́. Á fọ ọwọ́, á rọra fọwọ́ pa ọyàn títí omi rẹ̀ á fi sọ̀, á sì fún un sínú ìgò tó ti sè nílé. Á kọ ọjọ́ sí i lára, á tì í sẹ́yìn pátápátá nínú fìríìjì tó wà ní yàrá àlejò, níbi tó tutù jù. Nírọ̀lẹ́, á kó o sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Lọ́jọ́ kejì, ìyá ọkọ rẹ̀ á ki ìgò bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, á fún ọmọ mu. Ọmọ náà ò tíì mọ oúnjẹ mìíràn, kò sì sí ìgò omi ọyàn kankan tó máa ń ṣẹ́kù nílé.

Lọ́jọ́ kan, àwọn oníbàárà ńlá tó ń ra ṣẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ wá wo bí ọ̀gá ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́. Láàárọ̀, lẹ́yìn tí Ìyàwó Káfíńtà ti kó ìgò méjì sínú fìríìjì, ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kó wọn sójú fèrèsé, ó kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò rọ́pò wọn. Kò sọ fẹ́nì kan. Ta ni aránṣọ tí ọ̀gá á fi gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?

Ọ̀sán pọ́n kí àlejò tó dé. Ìyá àgbàlagbà kan nínú wọn béèrè pé, "Ibo lẹ ń tọ́jú omi ọyàn àwọn abiyamọ sí?"

"Inú fìríìjì ni, mà. A kì í fọ̀rọ̀ ọmọ ṣeré níbí!" Ọ̀gá ṣí i gbayawu. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò nìkan ló wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Ìyàwó Káfíńtà wọlé, tó fẹ́ gbé ìgò tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún sínú fìríìjì. Ó rí àwọn ti àárọ̀ lójú fèrèsé nínú oòrùn. Ó fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n ti gbóná.

"Ta ló kó wọn síbí, sà?"

"Ṣé ìyẹn náà lo wá ń pariwo lé lórí? Dá wọn padà, wọ́n á tún tutù."

"Látàárọ̀ ni wọ́n ti wà nínú oòrùn. Bí wọ́n tilẹ̀ tutù, wọn ò ṣeé fọ́mọ mu mọ́."

"Mo ní kò ṣe nǹkan kan!"

Inú bí Ìyàwó Káfíńtà dé góńgó. Ó da díẹ̀ sínú ife, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọ̀gá.

"Tí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ gbà, sà. Ẹ mu ún."

Ọ̀gá fò sẹ́yìn. "Èmi kẹ̀? Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ọmọ mi ńkọ́, sà?"

Ìyàwó Káfíńtà da gbogbo ti àárọ̀ nù lójú wọn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìgò tuntun yẹn nìkan ló gbé sínú kúlà, kò sì lè tó ọmọ náà dé ọ̀sán ọjọ́ kejì.

Nírọ̀lẹ́, ọ̀gá ní, nítorí àfojúdi rẹ̀, kó jókòó sílé lọ́la, kó lọ kọ́ ìwà. Ó jókòó lóòótọ́, ó sì fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn yó bámú.