Káàdì Wo Ni ti Geertje?

Iṣẹ́ wíwẹ ajá ni Wietske ń ṣe ní ìlú Leeuwarden, ṣùgbọ́n káàdì taró, èyí tó fi ń woṣẹ́ fún èèyàn, ló sọ ọ́ di olókìkí ládùúgbò wa. Èmi aládùúgbò rẹ̀ ò gba káàdì gbọ́ rárá, kọfí rẹ̀ ni mo gbà gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi wà níbẹ̀ ní ọ̀sán Sátidé tí Geertje ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é lórí fídíò láti ìlú Zwolle.

Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Aksel, ará Denmark kan tó ń sin àgùntàn ní erékùṣù kan, fẹ́ fi Geertje ṣaya, ó sì ń bọ̀ wá gbọ́ èsì nírọ̀lẹ́. Bí Geertje bá gbà, Denmark yá nìyẹn, Wietske á sì pàdánù ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó ní láti kékeré. Àwọn méjèèjì ní kí káàdì dá ẹjọ́ náà.

Fóònù ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. "Irun imú rẹ nìkan ni mò ń rí!" ni Geertje pariwo. Wietske to ìwé ní òkìtì méjì, ó gbé pátákó ìgébúrẹ́dì lé wọn, ó sì gbé fóònù sí etí pátákó náà kí ojú rẹ̀ máa wo tábìlì látòkè. Iná àjà wá ń tàn yòò lórí káàdì, ni mo bá pa á.

"Gbogbo ẹ̀ dorí kodò níbí o!" ni Geertje tún ké.

"Bó ṣe rí níwájú èmi là ń kà á. Ìwọ yí ọrùn rẹ, jàre!"

Wietske da káàdì pọ̀, ó sì ń to wọn sílẹ̀ ní ìdojúdé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá balẹ̀ nígbà tí Geertje bá ní "dúró", tirẹ̀ nìyẹn.

"Dúró!"

Wietske ṣí i. Ilé gíga tí mànàmáná ń wó, àwọn èèyàn ń já bọ́ látòkè. Káàdì tó burú jù nínú gbogbo wọn ni fún ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó. Ojú Wietske tàn díẹ̀. Mo rí i.

"Irọ́ ni!" Geertje fò dìde. "Nẹ́tíwọ́kì ló fa ohùn mi sẹ́yìn! Èyí tó ṣáájú ni mo dá dúró. Ṣí i!"

"Ìgbà tí ohùn bá dé tábìlì mi là ń kà, Geertje."

"Ìgbà tó kúrò lẹ́nu mi ni! Wietske, mo bẹ̀ ọ́, ṣí i!"

Wietske ṣí i: káàdì ìfẹ́ ni, ọkùnrin àti obìnrin, ife méjì lọ́wọ́ wọn. Geertje bú sẹ́kún ayọ̀. Wietske wo káàdì méjèèjì títí.

"Ẹni tí kò fẹ́ lọ kì í bá káàdì jà báyìí," ló sọ níkẹyìn. "Lọ fẹ́ ọkọ rẹ."

Nígbà tí ìpè parí, mo bi í pé ká ní Geertje ò jiyàn ńkọ́?

"Ǹ bá dákẹ́, kí ilé tó ń wó yẹn jẹ́ káàdì rẹ̀," Wietske ní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Inú mi ì bá sì máa dùn títí."