Igun Oríta Bàbá Kapembwa

Ọlọ́pàá ojú pópó ni Bàbá Kapembwa nígbà kan rí. Òun nìkan ló ń gbé ilé tó wà ní igun oríta wa ní Ndola, ní Zambia.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Musonda ọmọ rẹ̀, tí kò wá láti ọdún méjì, dé láti Lusaka. Ó páàkì mọ́tò rẹ̀ sí igun náà gan-an.

“Gbé e kúrò ná.”

“Ẹ ò tiẹ̀ kí mi, Bàbá! Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni.”

“Àwọn ọmọ iléèwé fẹ́ sọdá. Mọ́tò rẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n rí ọkọ̀ tó ń bọ̀, awakọ̀ ò sì ní rí wọn.”

“Ẹ máa bá oríta yín gbé!”

Ó fi ìbínú wakọ̀ lọ.

Àwa ọmọ iléèwé rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lókèèrè, a dúró kó kọjá, a sì sọdá. Bàbá ṣì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, àwo òkèlè àgbàdo nsima méjì ló wà.